Iná Sípánà Yàtọ̀ sí Iná Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ iná méjì tó máa ń tàn níwájú awakọ̀ ni mo bá wá. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rù èyí tí kò yẹ ká bẹ̀rù, a sì ń fojú di èyí tó lè ba ọkọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Họ́ńdà Sífíìkì tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ti 2006 sí 2011. Bí iná tó dà bí sípánà bá tàn, tí ẹ sì rí `B1`, ọkọ̀ yín kò ṣàìsàn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ṣírò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ṣírò pé agbára ọ́ìlì ku `15%`, á tan iná náà. `B` ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ bíréèkì wò. `1` ní kí ẹ pààrọ̀ ipò táyà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni o. Kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò. Nítorí náà, ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò. Bí iná pupa tó dà bí agolo ọ́ìlì bá tàn, ẹ dúró, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kó má baà nọ́ọ̀kì.

Iná tó dà bí ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀, àìsàn gidi ni. Bó bá tàn gbọin, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ síkáànà láìpẹ́. Bó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ ń gun òkè Ọ̀kà, iná inú ẹ́ńjìnnì kò jó dáadáa nìyẹn. Ẹ má fi tipátipá gùn ún. Ẹ dẹwọ́ eré, kẹ́ ẹ wá ibi dúró. Bí wọ́n bá kàn fi síkáànà pa iná yẹn láìtún ohun tó bàjẹ́ ṣe, á padà wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì tán ni kẹ́ ẹ pa iná sípánà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí `ON`, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa tẹ `SEL/RESET` títí iye agbára ọ́ìlì á fi hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju 5 lọ, á di `100%`.

Ẹ dúró ti mẹkáníìkì kẹ́ ẹ rí i pé ọ́ìlì àtijọ́ dà jáde. Bó bá tẹ bọ́tìnì yẹn láìpààrọ̀ ọ́ìlì, kọ̀ǹpútà á gbà pé tuntun ló wà níbẹ̀, á pẹ́ kí iná tó tún kìlọ̀ fún yín, ọ́ìlì àtijọ́ sì lè ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ kó tó dìgbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Fọ́ọ̀dù, ẹ fetí sílẹ̀: nínú tiyín, iná sípánà ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tàbí gíà ní ìṣòro. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ti Họ́ńdà.