Ife Omi Mélòó fún Ife Bílíìṣì Kan?

(Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera kan bá ẹgbẹ́ àwọn àgbà sọ nílé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́)

 

Ọ̀rọ̀ bílíìṣì ni mo bá wá lónìí, oògùn olómi tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní jíìkì, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n fún aṣọ. Ṣùgbọ́n bí àrùn onígbáméjì bá wọ ilé, òun náà ni a fi ń pa kòkòrò àrùn tí ó wà nílẹ̀, lára bẹ́ẹ̀dì àti ní ṣálángá. Nígbà tí Ẹ́bólà dé Èkó ní oṣù Júláì ọdún 2014, kílórínì, tí í ṣe oògùn inú bílíìṣì yìí, wà lára ohun tí a fi bá a jà títí ó fi kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù Ọ̀kítóbà ọdún náà.

Ẹnikẹ́ni kì í fi ògidì rẹ̀ nu ilẹ̀. A máa ń bomi là á ni. Ibi tí wàhálà sì wà nìyẹn: omi mélòó? Bí omi bá pọ̀ jù, yàrá yóò máa rùn bílíìṣì, inú wa yóò dùn pé a ti ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò wà níbẹ̀ láàyè, tí ọmọ yóò fọwọ́ kàn án, tí yóò sì fi ọwọ́ náà jẹun. Bí omi bá kéré jù, yóò bó ọwọ́ ẹni tí ń nu ilẹ̀, yóò ta á lójú, yóò sì mú un wúkọ́. Òórùn kò lè sọ èyí tí ó tọ́ fún wa. Ìṣirò ni yóò sọ ọ́, ìṣirò náà kò sì le.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìgo yín, kí ẹ ka ara rẹ̀. Ẹ óò rí orúkọ gígùn kan, sódíọ̀mù háípókílóráìtì. Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ ni à ń wá. Ó lè jẹ́ 3.5%, ó lè jẹ́ 5%. Àmì kékeré tí ó ní òdo méjì yẹn, pásẹ́ńtì ni à ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “nínú ọgọ́rùn-ún.” Ìgo tí a kọ 5% sí lára, oògùn gan-an tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100. Èyí tí ó kù, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí ìgo kan bá jẹ́ 3.5% tí èkejì sì jẹ́ 5%, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn lórí àtẹ. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ràn kí ẹnì kan máa sọ fún ẹlòmíràn pé, “Omi mẹ́sàn-án ni èmi máa ń dà sí i.” Sí ìgo wo?

Fún ilẹ̀ tí aláìsàn bì sí tàbí yàgbẹ́ sí, agbára tí a ń fẹ́ ni 0.5%. Ààbọ̀ nínú 100 nìyẹn. Ààbọ̀ yìí ló máa ń da orí rú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi 100 sílẹ̀, kí a máa kà á nínú 1000. Ààbọ̀ nínú 100 yóò di 5 nínú 1000. Ìgo 5% yóò di 50 nínú 1000. Ìgo 3.5% yóò di 35 nínú 1000. Ẹ rí i pé ààbọ̀ ti pòórá.

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀. Bí ẹran 5 bá wà nínú rẹ̀ tí àlejò dé, tí ìyàwó ilé bomi sí i, ọbẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹran kò kúrò ní 5. Ó kàn jìnnà sí ara wọn ni. Bí bílíìṣì ṣe rí náà nìyẹn. Omi kì í mú oògùn kúrò, ńṣe ni ó ń tú u ká. Nítorí náà, ohun tí a ní láti béèrè ni pé: ife kan tí mo ní yìí, ife mélòó ni ó gbọ́dọ̀ dà kí ó tó rọ̀ dé ibi tí mo ń fẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú ìgo 3.5%. Agbára rẹ̀ jẹ́ 35, a sì ń fẹ́ 5. Ọ̀nà mélòó ni 5 wà nínú 35? Ọ̀nà 7. Ife bílíìṣì kan gbọ́dọ̀ di ife 7. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀! Ife bílíìṣì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan nínú 7 yẹn. Omi tí ẹ óò bù kì í ṣe 7, 6 ni. Ife omi 6 àti ife bílíìṣì kan, ó di 7.

Ẹ wá fi ìgo 5% ṣe é. Ọ̀nà mélòó ni 5 wà nínú 50? Ọ̀nà 10. Ẹ yọ ọ̀kan, ó ku 9. Ife omi 9 sí ife bílíìṣì kan. Ibi tí “omi mẹ́sàn-án” ẹnu àwọn ènìyàn ti wá nìyẹn. Ó tọ́ fún ìgo 5%. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da omi 9 sí ìgo 3.5%, oògùn 35 yóò pín sí ọ̀nà 10, yóò ku 3 àti ààbọ̀ níbi tí ó yẹ kí 5 wà.

Bàbá kan níwájú níbí ń mi orí, ó ní ṣé ọ̀kan tí a yọ yẹn tilẹ̀ já mọ́ nǹkankan. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, bàbá. Bí omi bá pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan: ẹni tí ó bu 10 dípò 9 pàdánù díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé agbára ìgo ni a fẹ́ dín kù sí ìlàjì, ife kan gbọ́dọ̀ di 2, omi kan ṣoṣo ni yóò wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gbàgbé yọ ọ̀kan yóò bu omi 2, yóò di ife 3, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ó ń fẹ́ sì ti lọ. Ẹ máa yọ ọ́ nígbà gbogbo.

Ife náà ńkọ́? Ohunkóhun tí ó bá wà nílé, agolo mílíìkì tàbí kọ́ọ̀bù oníke, kí ó ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà ni ẹ fi wọn omi àti bílíìṣì. Ẹ má fi agolo wọn bílíìṣì, kí ẹ wá fi kóńgò wọn omi. Bí ẹ bá ń fẹ́ púpọ̀ láti inú ìgo 3.5%, agolo omi 12 sí agolo bílíìṣì 2, tàbí 18 sí 3. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú garawa, kí bílíìṣì tẹ̀lé e, kí ó má baà ta sí yín lójú. Garawa oníke ni o, nítorí bílíìṣì ń jẹ irin. Omi tútù ni kí ẹ lò. Omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Omi ilẹ̀ yìí le jù fún ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ni ó dára jù fún ọwọ́ ní ìgbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọṣẹ, tí ẹ sì ń tọ́jú aláìsàn, 0.05% ni agbára tí ọwọ́ lè gbà, èyí tí ó rọ̀ ju ti ilẹ̀ lọ ní ìlọ́po 10. Ẹ kò ní láti padà sídìí ìgo. Ẹ bu agolo kan nínú omi ilẹ̀ tí ẹ ti pò, kí ẹ da agolo omi lásán 9 sí i. Ó parí. Ẹ wá jẹ́ kí garawa méjèèjì jìnnà sí ara wọn, kí ẹnì kan má baà ṣì wọ́n lò.

Mo ti rí ibi tí ìṣirò tọ́, tí iṣẹ́ kò tọ́. Wọ́n da omi bílíìṣì lé èébì lórí, wọ́n sì nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára bílíìṣì tán kí ó tó kan kòkòrò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ kó èyí tí ó ṣeé kó sínú ṣálángá, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da omi bílíìṣì sí i kí ilẹ̀ tutù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá gbẹ kí ó tó pé, ẹ tún da díẹ̀ sí i.

Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọṣálángá tí ó ní ásíìdì tàbí mọ́ oògùn mìíràn, ẹ má sì dà á lé ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí yóò jáde níbẹ̀ lè dí ènìyàn lọ́nà ọ̀fun, ó sì lè pani. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ náà, ẹ ṣí fèrèsé.

Ìyá kan ti na ọwọ́ nígbà kan. Ẹ sọ ọ́, màmá. Ó ní èyí tí òun ń rà, inú ìgo omi lásán ni wọ́n rọ ọ́ sí, kò sí ìwé lára rẹ̀. Hẹ̀n-ẹn. Màmá, èyí kò ṣeé ṣírò, nítorí a kò mọ nọ́ńbà tí a óò pín. Ẹni tí ó rọ ọ́ lè ti bomi là á kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ lò ó fún aṣọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́jọ́ àìsàn. Ẹ tètè fi nǹkan sàmì sí ìgo náà pẹ̀lú, kí ọmọ má baà gbé e mu bí omi.

Ìgo tí ó ní ìwé lára náà máa ń dàgbà. Ooru àti oòrùn ń dín agbára rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ wo ọjọ́ tí a kọ sí i kí ẹ tó rà á, ẹ sì gbé e sí ibi tí ó tutù, tí oòrùn kò dé, tí ọmọ kò sì lè dé. Èyí tí ẹ ti bomi là kì í pẹ́ rárá. Ẹ pò ó láàárọ̀, ẹ dé e, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á sínú gọ́tà, kí ẹ fi omi lé e, kí ẹ sì po òmíràn.

Ó dáa, ta ni ó mú ìgo wá? Ẹ gbé e sókè kí a kà á. 4% ni a kọ síbẹ̀, ìyẹn 40 nínú 1000. Ọ̀nà mélòó ni 5 wà nínú 40? Ọ̀nà 8. Ẹ yọ ọ̀kan. Ife omi 7. Ìyá, ẹ bá wa kọ ọ́ sára ìgo náà, kí àwọn ará ilé lè máa rí i.