Èló Gan-an Ni Owó Tí Ẹ Fi Ń Ṣòwò Ń Ná Yín?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín sílẹ̀, a máa lò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ó ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì ní Ìbàdàn, ó sì fẹ́ ra ààrò tuntun ní mílíọ̀nù 10 náírà. (Mo ti yí àwọn iye owó rẹ̀ padà díẹ̀ kó má baà bá mi jà.) Tó bá yọ owó àtúnṣe àti owó orí kúrò, ààrò yẹn á máa mú mílíọ̀nù 2.4 wá lọ́dọọdún. Ìyẹn 24%.

Báǹkì ń gba èlé 25% lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ èlé kúrò nínú èrè kí ìjọba tó gba owó orí, owó orí iléeṣẹ́ ńlá sì jẹ́ 30%. Nítorí náà, nínú náírà kan tó bá san bí èlé, kọ́bọ̀ 30 padà sápò rẹ̀. Ẹ fi 0.7 sọ 25 di púpọ̀, ẹ máa rí 17.5. Ó ní, “Owó ń ná mi ní 17.5%, ààrò ń mú 24% wá. Kí ni mo tún ń dúró dè?”

Mo bi í pé, owó tìẹ ńkọ́? Ó ní tòun ò lélé.

Ó lélé o, a kàn kì í kọ ọ́ síbì kankan ni. Ká ní ó fi owó rẹ̀ ra bọ́ǹdì ìjọba tó ń san 18%, á sùn dáadáa. Ẹni tó bá kó owó sínú búrẹ́dì dípò ìyẹn gbọ́dọ̀ gbà ju 18% lọ. Ká sọ pé àwọn tó ń ra ìpín iléeṣẹ́ ń retí 10% lé ti bọ́ǹdì. Bẹ́tà, ìyẹn òṣùwọ̀n bí òwò ṣe ń mì ju ọjà lápapọ̀ lọ, ká fi í sí 1.4. 18 pẹ̀lú 14 jẹ́ 32%. Tí tiyín bá jáde kéré sí èlé tí báǹkì ń gbà, ẹ tún un ṣe, torí báǹkì ló ń kọ́kọ́ gba owó tiẹ̀, olówò ló ń gbẹ̀yìn.

Ó kù ká da méjèèjì pọ̀:

```
WACC = E/V × Re + D/V × Rd × (1 − T)
```

E ni owó olówò, D ni gbèsè, V ni àpapọ̀ wọn. Re ni 32% yẹn, Rd ni èlé báǹkì, T ni owó orí.

Ibí gan-an ló ti ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó rí mílíọ̀nù 20 tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́jọ́ kìíní, àti gbèsè mílíọ̀nù 30. Ìyẹn 40 sí 60. Ó ṣe é, ó bọ́ sí 23.3%. Ààrò ṣì yege!

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ẹnì kan ti ní òun máa fún un ní mílíọ̀nù 70 fún ìpín rẹ̀, kóun sì gba gbèsè náà mọ́ ọn. Iye tó lè gbà lónìí tó sì kọ̀ láti gbà, òun ni owó tó wà nínú òwò náà. 70 sí 30 ni. 22.4 pẹ̀lú 5.25: 27.65%. Ààrò kùnà.

Ẹ wo Nestlé Nigeria. Ní ìparí 2023, àdánù pàṣípààrọ̀ owó ti jẹ owó àwọn onípìn-ín nínú ìwé wọn tán, ó wọ ìsàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ra ìpín náà lọ́jà. Ẹni tó bá lo ìwé níbẹ̀ á rí E tó jẹ́ òdì. Tí kò bá sẹ́ni tó ti dá owó lé tiyín, ẹ wo àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ tó wà lọ́jà ìpín, ẹ ṣírò iye ìpín wọn lónìí sí gbèsè wọn, kí ẹ yá ìwọ̀n yẹn lò. Ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ ti máa rí bẹ́tà.

Nǹkan kan tún wà. Tí iléeṣẹ́ ò bá jèrè, kò sí owó orí tí èlé máa dín kù, odindi 25 lẹ máa lò. Tirẹ̀ á di 29.9%.

Báwo ni ìyàtọ̀ yìí ṣe tó lówó? Ká sọ pé mílíọ̀nù 2.4 yẹn ń wọlé títí lọ láì pọ̀ sí i (bí owó búrẹ́dì bá ń gòkè, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn, torí ọ̀wọ́n gógó ti wà nínú 18% ìjọba). Ẹ pín in sí 0.233, ààrò tó mílíọ̀nù 10.3. Ẹ pín in sí 0.2765, ó tó 8.68 péré.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ààrò. Wọ́n ṣì ń nájà. Lálẹ́ àná, ó ti dé mílíọ̀nù 9.