Ohun tí Mítà Ń Sọ Nípa Bátìrì àti Alitánétọ̀

Fóòtì ni ìwọ̀n ipá tí ń ti iná gba inú wáyà, mítà tí àwọn rewáyà ń lò ni wọ́n sì fi ń kà á. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì ti kú fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó wọn bátìrì, nítorí pé bátìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná lè ka 13 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀. Bí wọ́n bá yí mítà sí 20 ní ìhà iná bátìrì, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pupa kan orí tó ní àmì àròpọ̀, tí dúdú sì kan orí kejì, 12.6 fi hàn pé bátìrì kún, 12.2 sì fi hàn pé ó ti tó ìdajì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alitánétọ̀, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí láti pèsè iná, sábà máa ń gbé òǹkà yìí dé 13.8 sí 14.5. Bí ó bá dúró sí 12.4 nígbà tí iná iwájú ń tàn, ọ̀pọ̀ ni yóò sáré ra alitánétọ̀ tuntun, ìná àpà sì lè ni. Bí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ pupa lọ sí ibi tí wáyà nínípọn ti jáde lẹ́yìn alitánétọ̀, tí dúdú ṣì wà lórí bátìrì, tí mítà wá ka 14.2, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́: fóòtì 1.8 ló ń sọnù lójú ọ̀nà, nínú wáyà yẹn, ní ìdè rẹ̀ tó dípẹtà tàbí nínú fíúsì ńlá.