Ìwé Tí Akọ̀wé Tó Ń Lọ Kọ Sílẹ̀

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ ọ́fíìsì, a sì mú ìwé kékeré kan dání wá. Ojú ewé kan péré ni, inú ìwé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ti fà á ya. Òun ni akọ̀wé wa àtijọ́ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Háńdóófà làwọn ọlọ́fíìsì ń pè é. Ẹ jẹ́ ká kà á bó ṣe wà:

“Ìyá Ẹlẹ́ja ti san díẹ̀, ó ku díẹ̀. Owó ọjọ́ Ẹtì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má yá Alákàrà lówó báyìí o. Tẹ́là méjì ò tíì wọ lẹ́jà. Màmá mọ gbogbo rẹ̀.”

Gbólóhùn márùn-ún. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ, ọdún mẹ́rin ló fi bá wa ṣiṣẹ́. Àwa ìgbìmọ̀ gba ìwé náà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31, a ní ó ṣeun, a kí i pé ó dàbọ̀, a ò tilẹ̀ kà á. Ẹ̀bi wa nìyẹn.

Akọ̀wé tuntun wọlé ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Ìyá Ẹlẹ́ja mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí: oníyíyàn, onítútù, àti èyí tó ń ta panla. Ọmọ náà ṣí lẹ́jà, ó rí i pé oníyíyàn nìkan ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, àti pé oṣù méjì ti kọjá tí kò sí owó kankan lójú ewé rẹ̀. Òfin wa sì ni pé bí ẹni tó yáwó bá fo oṣù méjì, ká kọ̀wé sí àwọn onídùúró rẹ̀, ká sì ti owó ìfowópamọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ó ṣe bí òfin ṣe wí. Ní ọjọ́ 8, ó kọ̀wé. Ní ọjọ́ 11, ìyá aláta kan wá gba owó tó fi pamọ́ láti san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kò ṣeé fún un, torí pé òun ni onídùúró Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ẹ gbọ́ ariwo.

Bẹ́ẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ja ò fo oṣù kankan. Báńkì ló ti san ti oṣù Keje àti ti oṣù Kẹjọ, ó sì kó tẹ́là méjèèjì wá sí ọ́fíìsì. Àwọn gan-an ni “tẹ́là méjì” tó wà nínú gbólóhùn kẹrin! Akọ̀wé àtijọ́ ń retí sítétímẹ́ǹtì báńkì kó tó kọ wọ́n sínú lẹ́jà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbólóhùn kìíní àti ìkẹrin ń sọ, ṣùgbọ́n ta ni ì bá mọ̀?

Ní ọjọ́ 14, a jókòó yí tábìlì ká, a pe akọ̀wé àtijọ́ lórí fóònù, a ń kà á sí i létí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè wa ò pọ̀: ta ni, èló, ọjọ́ wo, níbo ni ìwé rẹ̀ wà, kí ló kù láti ṣe, ta ni yóò ṣe é. Bí “díẹ̀” bá jáde, a ní kó sọ iye. Bí “báyìí” bá jáde, a ní títí di ìgbà wo. Lẹ́yìn náà la tún un kọ, ọ̀rọ̀ kan sí ìpínrọ̀ kan, a sì fi ohun tí a fẹ́ ṣe síwájú, kí ẹni tó ń kánjú má baà wá a kiri. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kìíní ṣe rí nígbà tí a parí:

“Ohun tí o máa ṣe: kọ tẹ́là méjì sínú lẹ́jà lónìí, ní ojú ewé nọ́ńbà 47. Ìyá Ẹlẹ́ja oníyíyàn ló ni wọ́n. ₦12,000 ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ₦12,000 ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ. Inú fáìlì aláwọ̀ ewé ni wọ́n wà. Owó tó yá jẹ́ ₦120,000, oṣù mẹ́wàá ni yóò fi san án, láti oṣù Kejì dé oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ó ti san oṣù méje, ₦84,000. Ó ku ₦36,000. Kò jẹ gbèsè oṣù kankan sẹ́yìn, nítorí náà má kọ̀wé sí onídùúró. Bí sítétímẹ́ǹtì bá dé tí o kò rí owó méjèèjì níbẹ̀, akápò ni kí o bá sọ̀rọ̀.”

Ẹ wo bó ṣe gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì rọrùn jù ú lọ.

Ti Ìyá Alákàrà ló dùn wá jù. Gbogbo ẹni tó ka “ẹ má yá Alákàrà lówó” ló rò pé olè ni tàbí pé kì í san gbèsè. Ìyá tó ń san owó rẹ̀ déédéé! Ìdí tí akọ̀wé fi kọ ọ́ ni pé onídùúró rẹ̀ kejì ti kó kúrò ní ọjà. Bó bá mú ẹlòmíràn wá, ó parí. A wá kọ ọ́ pé: “Nọ́ńbà 112 bèèrè ₦80,000. Onídùúró kan ló ní, méjì ni òfin wí. Bó bá mú ìkejì wá, gbé ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀.” Bí a bá kọ “má ṣe” sílẹ̀ láìsí ìdí rẹ̀, tí a ò sì sọ ìgbà tí yóò tán, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni a ń bà jẹ́ láìmọ̀.

Owó ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Akọ̀wé tuntun ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí kọ́bọ̀, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣé akápò ti gbé e lọ sí báńkì ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 30. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ ìwé náà, kò sì sí ọjọ́ lórí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, a kì í gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìsí ọjọ́.

“Màmá” náà dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ rò pé akápò ni, akápò rò pé ààrẹ ni. Ìyá tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ló ń sọ! Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù la fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan wà tí a ṣọ́ra fún. Ẹni tó ń tún ìwé kọ lè fi tirẹ̀ kún un kó lè dùn ún kà. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ó ku ibì kan tí akọ̀wé àtijọ́ ò rántí, ìyẹn bóyá Ìyá Ẹlẹ́ja ti gba rìsíìtì fún tẹ́là kejì. A ò méfò, a kọ ọ́ pé: “Kò dá akọ̀wé lójú, bi Ìyá Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀.” A sì so ojú ewé àtijọ́ mọ́ ẹ̀yìn tuntun, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wò ó. Kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ṣẹ́ẹ̀kì kò sí nínú rẹ̀ o. Ọwọ́ sí ọwọ́ la fi ń gba ìyẹn, níṣojú ẹni méjì.

Nígbà tí a parí, a fi ìwé náà lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́, a ní kó kà á, kó sì fi ẹnu sọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Níbikíbi tó bá ti bi wá pé “ta ni?” tàbí “èló?”, a tún ibẹ̀ kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi wá.

Ní ọjọ́ 15, ìyá aláta gba owó rẹ̀, ààrẹ sì fúnra rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún un ní ìsọ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja san ₦12,000 tó kẹ́yìn ní oṣù Kọkànlá. Ó mú rìsíìtì náà wá sí ọ́fíìsì, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú lẹ́jà níṣojú òun.