Télọ̀ Agbádá Tí Mo Lè Fọwọ́ Sọ̀yà Lé Lórí

  Èmi ádímìnì yín ni. Akọ̀wé wa á bá wa kọ ohùn yìí sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé e, torí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n wa kan níbí béèrè télọ̀ tó lè bá òun rán agbádá. Ayẹyẹ ìkẹyìn ìyá wọn ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ó ku ọ̀sẹ̀ 6. Kí n tó dá oníbàárà kan lóhùn tán, nọ́ńbà 9 ti wọlé. Kò sí ẹnì kan tó sọ nǹkan tí télọ̀ yẹn rán fún òun rí. “Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an,” nọ́ńbà, ó parí.

Mi ò bá yín wí o, torí èmi náà ti ṣe irú ẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọ wa kan fẹ́ ṣègbéyàwó, ó béèrè télọ̀, mo sì fún un ní nọ́ńbà ẹnì kan. Kàfùtáànì 2 péré lẹni yẹn ti rán fún mi, ó sì bá mi lára mu. Mo wá rò pé ẹni tó mọ kàfùtáànì rán á mọ agbádá rán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gba gínì yáàdì 10, ó gbé iṣẹ́ ọrùn ẹ̀ fún ẹlòmíì tí a ò mọ̀. Nígbà tí aṣọ dé, ọrùn ti súnkì bí ewé gbígbẹ, èyí tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ò sì padà wá. Ọmọ yẹn wọ aṣọ àyálò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Kò bú mi, ṣùgbọ́n bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì gbàgbé. Látìgbà náà, ohun tí mo bá fi ojú ara mi rí ni mò ń jẹ́rìí sí, mi ò sì ń jẹ́rìí kọjá ibẹ̀.

Ó dáa. Télọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín, Mọ́là kan ni, ẹ̀yìn ọjà Sábóńgàrí níbí ló wà. Ó ti rán agbádá 3 fún èmi fúnra mi, ó rán 1 fún àbúrò mi. A ò bára wa tan, kò sì fún mi ní kọ́bọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ààwẹ̀ ti dé ìdajì, mo gbé gínì lọ bá a, mo ní mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìtúnu. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí ní Zaria lásìkò yẹn, aṣọ á kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ títí dé àjà, wọn ò sì ní yé gbà. Ọkùnrin yìí wo aṣọ mi, ó wo àwọn tó wà nílẹ̀, ó ní, “Alàájì, mi ò ní lè ṣe é. Bí mo bá gbà á, irọ́ ni mo pa fún ẹ.” Inú bí mi. Mo gbé e lọ síbòmíì, wọ́n gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún ni mo rí i gbà. Nígbà yẹn ló tó yé mi pé ẹni tó lé mi padà ló bọ̀wọ̀ fún mi. Lẹ́yìn ọdún, mo gbé gínì mìíì lọ bá a.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe, ó mú tépù, ó wọn aṣọ náà lójú mi. Tépù télọ̀, ínǹṣì 60 ni. Yáàdì kan, ínǹṣì 36 ni. Ìyẹn ni pé gínì yáàdì 10 gbọ́dọ̀ gba tépù yẹn nígbà 6 gééré. Tèmi kún nígbà 5, ìkẹfà ò pé, ó dín ní ínǹṣì 24. Èmi tí mo ń ṣòwò, ẹni tó ta aṣọ fún mi ti rẹ́ mi jẹ! Mọ́là ní kí n dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí bí sísọ́ọ̀sì bá ti lè kan aṣọ, kò sí ọlọ́jà tó máa gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Ó tún ṣàlàyé pé tí òun bá fi rán an bẹ́ẹ̀, apá agbádá ò ní fẹ̀ tó, òun ni mo sì máa dá lẹ́bi. Mo padà lọ, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà lè ṣe èyí nídìí ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó. Ìgbà 6 ni, ẹ kà á.

Ìkejì, ó sọ òtítọ́ nípa ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọrùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé Zaria yìí lókìkí nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ lára agbádá. Ẹ ti gbọ́ orúkọ àwọn ọnà yẹn lẹ́nu àwọn Háúsá: asíkà bíyù, ìyẹn ọ̀bẹ méjì, àti asíkà tákúwásì, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, torí pé ṣóńṣó gígùn tó wà nínú ọnà náà jọ ẹnu ọ̀bẹ. Mọ́là yìí sọ fún mi tààrà pé òun kọ́ lòun ń gún un. Òun ló ń gé aṣọ, òun ló sì ń rán an pọ̀. Bàbá àgbà kan nínú Bírínì ló ń ya ọnà tó sì ń fi ọwọ́ gún un. Ó dá owó iṣẹ́ bàbá sọ́tọ̀, ó dá tiẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní tí ọrùn ò bá dáa, òun ni kí n wá bá. Ẹni tó bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ohun tí kò sọ nìyẹn. Gbígbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pé ó fi í pamọ́, tí kò sì sẹ́ni tó máa dáhùn nígbà tó bàjẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́, tí kì í ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n gba owó ọwọ́ lé lórí? Ẹ yí inú aṣọ síta. Tẹ̀rọ máa ń ní òwú ìsàlẹ̀, funfun ló sábà máa ń jẹ́, kò ní bá àwọ̀ òwú iwájú mu, gbogbo ẹ̀ á sì dọ́gba láìsí àṣìṣe kankan. Nígbà míì, ẹ máa rí bébà líle tí wọ́n fi tẹ́ ẹ lábẹ́, tí díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Tọwọ́, òwú kan náà lẹ máa rí níwájú àti lẹ́yìn, ẹ máa rí kókó kéékèèké níbi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú o, òmíràn dáa púpọ̀, ó sì yá. Kẹ́ ẹ kàn má san owó ọwọ́ fún ẹ̀rọ ni.

Ohun kan tún wà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Mọ́là mú òwú díẹ̀, ó fi omi tutù sí aṣọ funfun, ó fi ra òwú náà. Ó ní òwú tí àwọ̀ ẹ̀ bá ràn mọ́ aṣọ funfun yẹn, ó máa ṣàn sára gínì lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Òwú méjì ló jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àléébù ẹ̀, torí ẹ̀rí tí kò ní àléébù, ìpolówó ọjà ni. Agbádá mi kejì, ọjọ́ 4 ló fi pẹ́. Ó pè mí kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, ó ní ara bàbá oníṣẹ́ ọwọ́ ò yá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ náà ni. Kì í rán aṣọ obìnrin, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má gbé léèsì lọ bá a, ó máa dá yín padà. Kì í gba iṣẹ́ kíákíá. Ọjọ́ Jímọ̀, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò rẹjú lórí owó púpọ̀, ẹni tó ń wá ẹ̀dín ńlá, kó lọ síbòmíì. Ìdajì owó ló ń gbà lọ́wọ́, ìdajì tó kù dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ wò. Ẹ má san gbogbo ẹ̀ fún un tàbí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ yín ni mo padà sí báyìí. Ẹ ní asíkà tákúwásì lẹ fẹ́. Ẹ má bínú, pẹ̀lú ọwọ́, kò lè ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ 6. Èyí tó bá kún dáadáa lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ wo bó ṣe rí. Ọnà kékeré ní ọrùn àti àpò, bàbá yẹn fi ọ̀sẹ̀ 3 ṣe tèmi. Rírán an pọ̀ gba ọ̀sẹ̀ 1. Ọ̀sẹ̀ 4 nìyẹn. Nínú méjì tó kù, ẹ fi kan sílẹ̀ fún wíwọ̀ wò, àtúnṣe, àti bí ara ẹnì kan ò bá yá. Ìkẹyìn, ti ìrìnàjò yín àti ètò ilé ni. Kò wá sí àyè ìdúró rárá, ọ̀sẹ̀ yìí ni gínì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé asíkà tákúwásì náà lọkàn yín fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe é, kí ẹ sì san owó ẹ̀rọ. Bí Mọ́là bá ní òun ò lè gbà á, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ padà wá bá mi.

Mi ò ní fi nọ́ńbà ẹ̀ síbí. Òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, ó ní ìpè á dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá ní aṣọ lọ́wọ́, kó kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀, màá mú un débẹ̀.

Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ fún wa, kó sọ nǹkan mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀: kí ló ṣe fún ẹ, ìgbà wo ni, kí lo rí tí kò dáa, ṣé ẹbí ẹ ni àbí ó ń fún ẹ lówó. Bó bá jẹ́ ẹbí ẹ, kò burú, sọ ọ́ ni. Nọ́ńbà tó bá wọlé lásán, màá yọ ọ́. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ tó wọ aṣọ àyálò yẹn ṣì wà nínú gúrúùpù yìí, ó ń gbọ́ mi.