Wákàtí Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Tí A Bá Gbé Ọjà Sórí Fesibúùkù

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin tá a jọ wà lẹ́yìn odi. Ẹ ní kí n sọ bí mo ṣe ń ta àdìrẹ lórí Fesibúùkù láti Sábọ́n-Gàrí ní Kánò níbí. Wákàtí kan péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: èyí tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo bá gbé àwòrán sókè.

Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa ń gbé e, nígbà tí èrò ń wọ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan béèrè lábẹ́ àwòrán pé, "Ṣé ẹ ní méjìlá irú ẹ̀?" Alẹ́ ni mo tó rí i. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mo ti rà á níbòmíì." Aṣọ méjìlá lọ bẹ́ẹ̀!

Ní báyìí, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń gbé e. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, fóònù ti gba iná, dátà wà. Mo ti kọ iye owó, gígùn aṣọ àti iye tó kù sínú ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wá jókòó tì í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ "Èló?" Tẹ́lẹ̀, mi ò bá ní kó wá sí ínbọ́ọ̀sì, àwọn tó kù tó fẹ́ mọ iye ẹ̀ á sì bá tiwọn lọ. Mo kọ iye ẹ̀ síbẹ̀, mo wá bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?" Ó ní ìkómọ ni, ṣé aró ẹ̀ kò ní ràn mọ́ gèlè funfun òun? Mi ò purọ́. Mo ní aró á jáde nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ fi omi tútù fọ òun nìkan, ẹ sá a síbi òjìji, ẹ má fi kan funfun títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Ó mú mẹ́ta. Àwọn méjì míì tí wọ́n ka ìdáhùn yẹn náà sì rà. Àdírẹ́ẹ̀sì àti owó nìkan la wá sọ ní ínbọ́ọ̀sì.

Ẹ má kọ "Ẹ ṣé" kan náà fún gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kọ nǹkan kan, mo máa ń kọ̀wé sí ẹni tó ti rà rí, kí n béèrè bí aṣọ ṣe rí lẹ́yìn fífọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn olè. Wọ́n á lo orúkọ àti fọ́tò yín, wọ́n á dá oníbàárà yín lóhùn, wọ́n á fi nọ́ńbà àkáǹtì tiwọn ránṣẹ́. Ẹ tẹ orúkọ náà: ẹ ó rí i pé ojú ìwé ẹ̀ ò ní àwòrán àtijọ́ kankan. Ẹ pa ohun tó kọ rẹ́, ẹ búlọ́ọ̀kù ẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, owó á ti lọ.

Tí wákàtí náà bá pé, mo á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di aago méje àárọ̀. Ajé á wọgbá o. Ó dàárọ̀.