Wákàtí Kan àti Ìṣẹ́jú Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: Bí A Ṣe Ń Pín Fídíò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí Orí fún Àtúnkà

Àkòrí tí wọ́n fún mi gbòòrò, ṣùgbọ́n fídíò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí èmi fúnra mi ṣe lórí ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà, ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi fóònù gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gbà. Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, ta ni yóò tún jókòó wo gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀? Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á máa fi ìka fa fídíò síwájú sẹ́yìn, wọ́n á máa wá ibi tí mo ti dárúkọ Látòósà, olórí Ìbàdàn, dátà á sì máa jó lọ.

Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kò ju ojú ìwé kan lọ. Kí a pín fídíò náà sí orí, kí a kọ àkókò tí orí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí a sì fi gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀. Létí, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ló mọ ibi tó ti ń ta kókó.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ń ta kókó ni ààlà orí. Àwọn kan máa ń gé e ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ wo ló ń wo aago kó tó yí ọ̀rọ̀ padà? Àwọn mìíràn ń tẹ̀lé síláìdì: bí àwòrán ara ògiri bá ti yí, orí tuntun dé nìyẹn. Nínú fídíò tí mò ń sọ yìí, àwòrán ilẹ̀ tó fi ibùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ àti ti Èkìtìparapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé hàn wà lára ògiri fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Láàrin ogún ìṣẹ́jú yẹn, mo ti kúrò lórí ohun tó dá ogun sílẹ̀, mo ti bọ́ sórí ìdí tí ogun fi pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo yí síláìdì mẹ́rin láàrin ìṣẹ́jú méjì, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni tó bá tẹ̀lé síláìdì yóò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ níbì kan, yóò sì fọ́ ọ̀rọ̀ kan sí wẹ́wẹ́ níbòmíràn.

Ibi tí ìbéèrè tí olùkọ́ ń dáhùn ti yí padà ni ààlà wà. Láti rí i, ẹ má kọ́kọ́ wo fídíò rárá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde nínú rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí fídíò bá wà lórí YouTube tí ó sì ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ lọ sí abẹ́ àlàyé rẹ̀, ẹ tẹ `Show transcript`, gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò jáde pẹ̀lú àkókò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kíkà yá ju gbígbọ́ lọ, ojú sì lè fò padà sẹ́yìn níbi tí etí kò ti lè ṣe é.

Àmọ́ ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ orúkọ wa dáadáa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ kíláàsì náà, mo sì ń fi Yorùbá là á. Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà, di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tí kò bára tan. Fábùnmi kò tilẹ̀ jáde rárá. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ wá ibi tí ẹ ń wá, ọdún ni kí ẹ fi wá a. Nínú fídíò tèmi, 1878 àti 1886 jáde geere níbi tí orúkọ ti bàjẹ́. Ohun kan sì wà nínú ìbàjẹ́ náà tó wúlò. Bí mo bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà, Yorùbá ni mo máa ń bọ́ sí: «Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa léèrè.» Ẹ̀rọ kò gbọ́ èyí, ó tẹ̀ ẹ́ ní wúruwùru. Ọmọbìnrin tó ṣe iṣẹ́ náà fún kíláàsì wa ló fi yé mi pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dà rú ní ìlà kan ṣoṣo, kí òun yára lọ gbọ́ ibẹ̀, nítorí ààlà lè wà níbẹ̀. Ó ní, «Sà, bí ẹ bá ti bọ́ sí Yorùbá báyìí, ẹ ti fẹ́ ṣí ojú ìwé tuntun nìyẹn.» Irú àmì bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti olùkọ́ sí olùkọ́. Ẹlòmíràn á wúkọ́, ẹlòmíràn á nu pátákó.

Èyí ni ohun tó kọ sílẹ̀ níkẹyìn:

```
0:00 Ìkíni àti ètò kíláàsì
6:40 Kí ló dá ogun Kírìjì sílẹ̀?
24:15 Kí ló dé tí ogun náà fi pẹ́?
51:30 Báwo ni àlàáfíà ṣe dé?
1:12:05 Ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́
```

Ẹ wò ó bí orí mẹ́ta àárín ṣe jẹ́ ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ bo ohun tó wà nísàlẹ̀, kó dá ara rẹ̀ lóhùn, kó tó ṣí i wò. Bó bá gbà á, ó di orí tó kàn. Bí kò bá gbà á, ìgbà yẹn ni yóò tẹ àkókò tí yóò sì lọ gbọ́.

Ó wá kan ohun tí a ó kọ sábẹ́ ìbéèrè. Ìkékúrú tí mo máa ń rí jù ni èyí: «Olùkọ́ ṣàlàyé àwọn ìdí tí ogun fi bẹ̀rẹ̀.» Kí ni ẹni tó ń kàwé lóru fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó sọ fún un pé oúnjẹ wà nínú ìkòkò, kò bù ú fún un. Ìdáhùn gan-an ni kí a kọ. Fún orí 6:40, ohun tí a fi sílẹ̀ nìyí: «Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì sú aráàlú. Ní 1877 Ìbàdàn ti wọ ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú nítorí ọ̀nà òkun. Ní 1878 Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀.»

Kí ló dé tí mo fi ọdún méjì síbẹ̀? Nítorí pé ìkékúrú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá fún mi kọ «ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1877», ó dúró síbẹ̀. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìyẹn nìkan yóò rò pé Èkìtì ló dìde ní 1877. Nínú fídíò, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi ya ìjà méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá ń ké ọ̀rọ̀ kúrú, irú àlàyé yìí ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù: «àyàfi bí», «ní apá ibi báyìí», «títí di ìgbà kan». Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn gan-an ni olùṣètò ìdánwò sì máa ń dọdẹ.

Èyí tó burú jù wà ní apá ìparí. Ní 1:03:20, mo sọ pé ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886 ni àwọn ikọ̀ gómìnà Èkó kéde àlàáfíà láàrin ibùdó méjèèjì. Ẹni tó ń kọ ìkékúrú kọ «ogun parí ní 1886», ó sì fi orí ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lófìfo, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1:17:40 ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, «Sà, ṣé gbogbo ọmọ ogun Ìbàdàn padà sílé ní 1886 ni?» Mo dá a lóhùn pé rárá o. Ní ìhà Ọ̀fà, Ìbàdàn àti Ìlọrin ṣì dojú kọ ara wọn, ó di 1893 kí wọ́n tó tú ká. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń kọ 1877 sí 1893. Ìdáhùn orí kẹrin wà nínú orí karùn-ún.

Ohun tí a ṣe sí i ni pé a gbé àtúnṣe náà padà sí abẹ́ ìbéèrè tó ni í, a sì fi àkókò méjèèjì sí i: «Àlàáfíà ní Kírìjì, 1886 (1:03:20), ìhà Ọ̀fà, títí di 1893 (1:17:40).» Nítorí náà, èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ìkékúrú orí kan kó tó ka gbogbo ọ̀rọ̀ fídíò tán. Olùkọ́ kì í ṣe ìwé. Ó ń gbàgbé, ó ń rántí, ó ń padà wá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí kíláàsì ti ń palẹ̀ mọ́.

Lórí àkókò fúnra rẹ̀, ẹ má fi í sí orí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Ẹ fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tó gbé e wá, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá bá mi láàrin gbólóhùn, yóò tún máa fa fídíò sẹ́yìn, a ti padà sí ibi tí a ti ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí YouTube fúnra rẹ̀ pín fídíò sí orí, inú àlàyé fídíò ni ẹ ó kọ àwọn ìlà náà sí: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ `0:00`, wọn kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta, kí wọ́n tẹ̀ léra láti kékeré sí ńlá, kí orí kankan má sì kéré ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹni tí kì í ṣe òun ló ni fídíò kò lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n ó lè fi `&t=1455s` sí ìdí líǹkì, yóò sì bọ́ sí 24:15 tààrà.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kò ní dátà láti máa wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fún wọn, a lè fi orí sínú fáìlì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù. A ó kọ orí kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kékeré kan, `ori.txt`, báyìí, a ó sì ka àkókò ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá:

```
;FFMETADATA1
[CHAPTER]
TIMEBASE=1/1000
START=1455000
END=3090000
title=Kí ló dé tí ogun náà fi pẹ́?
```

Lẹ́yìn náà ni a ó so ó mọ́ fídíò lórí kọ̀ǹpútà:

```
ffmpeg -i kiriji.mp4 -i ori.txt -map_metadata 1 -codec copy kiriji-ori.mp4
```

Kò tún fídíò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́. Bí wọ́n bá ṣí i nínú VLC, orúkọ àwọn orí yóò hàn.

Ohun kan ṣì máa ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹnì kan á gé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú fídíò kó tó fi ránṣẹ́, gbogbo àkókò tí a kọ á sì di èké. Ẹ kọ́kọ́ dán orí kejì wò, kí ẹ tún dán orí ìkẹyìn wò. Bí àwọn méjèèjì bá yẹ̀ ní iye kan náà, iwájú ni wọ́n ti gé e. Ẹ yọ iye yẹn kúrò lára gbogbo àkókò. Bí orí kejì bá wà láyè rẹ̀ tí ti ìkẹyìn sì yẹ̀, àárín ni wọ́n ti gé e, ẹ ó sì ní láti máa dán orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi kan èyí tó kọ́kọ́ yẹ̀.